Áàpù fóònù àbí kọ̀ǹpútà? Bí ẹ ṣe lè pààrọ̀ ojú nínú fọ́tò ẹbí láìba ojú ẹni jẹ́

Ìbéèrè kan náà ni ẹ máa ń bi mí lẹ́yìn gbogbo ìnáwó: “A ya fọ́tò ẹbí, gbogbo wa ló dára, àfi Màámi tó dijú. Áàpù pààrọ̀-ojú wo ni kí n fi tún un ṣe?” Ìdáhùn mi ni pé kò sí èyí tó yẹ iṣẹ́ náà. Màá sọ ìdí rẹ̀, màá sì to ohun tí èmi ń ṣe dípò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Áàpù fóònù ní iṣẹ́ tirẹ̀, a ó sọ ìyẹn náà, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí fọ́tò nígbà tó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín.

Fọ́tò ọjọ́ ìbí 70 ọdún màmá mi ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwa 14 la dúró, ayàfọ́tò sì yà wá lẹ́ẹ̀mẹta láti ojú kan náà. Fọ́tò kejì ló dára jù, ṣùgbọ́n Màámi dijú nínú rẹ̀. Nínú ìkẹta, ojú wọn là dáadáa, àmọ́ àbúrò mi ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4000 × 3000 píksẹ́lì, ojú Màámi sì fẹ̀ tó nǹkan bíi 380 píksẹ́lì nínú rẹ̀. Màámi kọ pélé. Ẹ fi pélé yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló jẹ́ kí n mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín irinṣẹ́ méjèèjì.

## Ohun tí áàpù ń ṣe gan-an

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni áàpù ń gé ojú láti inú fọ́tò kan, tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń wo ojú tí ẹ fún un, ó ń sọ ọ́ di àkójọ nọ́ńbà tó ń ṣàpèjúwe ẹni náà, lẹ́yìn náà ló wá ń ya ojú tuntun sínú fọ́tò kejì. Ẹ wo `inswapper_128`, ọ̀kan nínú àwọn ètò tí irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ ń lò jù. Nọ́ńbà 512 ló fi ń ṣàpèjúwe ojú kan, ojú tó sì ń yà kò ju 128 × 128 píksẹ́lì lọ.

Nǹkan mẹ́ta ló ń tìdí èyí yọ.

Èkíní, ìrísí ojú, bóyá ó là ni, bóyá ó dijú ni, bóyá ó ń rẹ́rìn-ín ni, inú fọ́tò tí ẹ fẹ́ tún ṣe ló ti ń wá. Bí Màámi bá dijú níbẹ̀, áàpù á ya Màámi tuntun tó dijú. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ yín ti ń fi wákàtí méjì ṣòfò, tí ẹ ń ti áàpù kan bọ́ sí òmíràn.

Èkejì, 128 kéré gan-an sí 380. A ní láti fẹ ojú tí wọ́n yà ní ìlọ́po mẹ́ta kó tó kún àyè rẹ̀, yóò sì ṣú bàìbàì. Láti bo èyí mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ áàpù máa ń fi ètò mìíràn dán ojú náà. Ètò adánjú yìí ló ń jẹ́ kí awọ ara dà bí ìda, tí ìyá ẹni ọdún 70 á fi jọ ọmọ 40.

Ẹ̀kẹta, ìlà tín-ín-rín kì í la iṣẹ́ yìí já. Mo fi áàpù kan dán fọ́tò Màámi wò. Wọ́n ṣì dijú, pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, tọ̀tún sì di òjìji lásán. Fọ́tò tí áàpù náà dá padà jẹ́ 1280 × 960. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ojú Màámi nìkan ló bàjẹ́: gbogbo àwa mẹ́rìnlá ló sọ di kékeré, aṣọ ẹbí tí a náwó lé lórí sì pàdánù iṣẹ́ ara rẹ̀.

Bí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, ojú Màámi gidi láti inú fọ́tò ìkẹta ni ẹ ó gbé wá, píksẹ́lì fún píksẹ́lì. Kò sí ẹni tó ya nǹkan kan tuntun.

## Èwo ni kí ẹ lò?

- Eré lásán, bíi kí ẹ gbé ojú ara yín sínú fídíò kékeré láti fi kí ọ̀rẹ́ kú ọjọ́ ìbí: áàpù fóònù tó.
- Ẹnì kan dijú tàbí yíjú, ẹ sì ní fọ́tò mìíràn ti ọjọ́ náà: GIMP, ètò tí a fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni.
- Ẹ fẹ́ gbé ojú yín sórí ara ẹlòmíràn tó ti fọwọ́ sí i, ẹ kò sì fẹ́ kí fọ́tò kúrò nínú ilé: FaceFusion, ètò pààrọ̀-ojú tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà.
- Fọ́tò kan ṣoṣo lẹ ní, ẹni tó wà nínú rẹ̀ sì dijú: ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú tí ẹ̀rọ bá yà síbẹ̀, ojú tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ni.

## Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá fọ́tò ń kúrò lórí fóònù

Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó fún áàpù ní fọ́tò ẹnikẹ́ni. Fọ́tò ère tó ní ojú ni kí ẹ fi dán an wò, ẹ má fi ti ọmọ yín ṣe é.

1. Ẹ ṣí áàpù náà nígbà tí dátà wà, kó lè kó ohun tó nílò wọlé.
2. Ẹ tan `Airplane mode`. Ẹ rí i dájú pé Wi-Fi náà ti kú.
3. Ẹ yan fọ́tò ère náà, kí ẹ sì ní kí áàpù pààrọ̀ ojú rẹ̀.
4. Bó bá kọ̀, tó ní kí ẹ wá íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbà pé orí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ wọn ni iṣẹ́ ti ń wáyé. Ìyẹn ni pé gbogbo fọ́tò tí ẹ bá fún un ló ń lọ sọ́dọ̀ wọn.
5. Bó bá ṣe é láìsí dátà, inú fóònù ló ti ṣe é. Ẹ má tíì sinmi o: ó ṣì lè fi fọ́tò ránṣẹ́ nígbà tí dátà bá padà dé. Ẹ lọ sí `Settings`, kí ẹ gba àṣẹ fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí `Privacy Policy` áàpù náà. Kò dìgbà tí ẹ bá kà á tán. Ẹ wá ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré nínú rẹ̀: `retain`, `license`, `train` àti `third parties`. Èkíní á sọ iye ọjọ́ tí wọ́n ń fi fọ́tò pa mọ́. Èkejì á sọ ẹ̀tọ́ tí ẹ ń gbé lé wọn lọ́wọ́. Ìkẹta á sọ bóyá wọ́n ń fi ojú yín kọ́ ẹ̀rọ wọn, ìkẹrin á sì sọ àwọn tí wọ́n ń pín in fún. Bí ẹ kò bá rí iye ọjọ́ kankan, ẹ gbà pé fọ́tò náà ń gbé lọ́dọ̀ wọn ni.

Ọ̀rọ̀ `license` ni kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Ní 2019, áàpù Zao láti ilẹ̀ Ṣáínà kọ ọ́ sínú àdéhùn rẹ̀ pé ẹni tó bá gbé fọ́tò sí i ti fún ilé iṣẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ ọ̀fẹ́ títí láé, tí kò ṣeé gbà padà. Ìgbà tí aráàlú pariwo ni wọ́n tó yí i padà. Lọ́dún kan náà, FaceApp ní òun máa ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ fọ́tò rẹ́ láàárín wákàtí 48. Ẹ wo gbólóhùn náà dáadáa: “ọ̀pọ̀ jù lọ” ni wọ́n wí, wọn kò wí pé “gbogbo”.

## Bí ẹ bá fẹ́ lo áàpù fóònù síbẹ̀

1. Ẹ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ojú. Fún ọmọdé, èmi kì í ṣe é rárá.
2. Ẹ gé fọ́tò kó ku ojú kan ṣoṣo tí ẹ nílò. Kò sídìí tí ojú àbúrò, àǹtí àti àwọn ọmọ wọn á fi bá a lọ.
3. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù, ìyẹn `Screenshot`, lára èyí tí ẹ gé. Fọ́tò kámẹ́rà máa ń gbé àmì ibi tí wọ́n ti yà á pamọ́ sínú ara rẹ̀, `Screenshot` kì í sábà gbé e.
4. Nígbà tí áàpù bá tọrọ àyè sí fọ́tò, ẹ yan ìwọ̀nba tí ẹ fẹ́, ẹ má ṣí gbogbo àkójọ fọ́tò fún un.
5. Ẹ má fi àkáǹtì Gúúgù tàbí Fésíbúùkù yín wọlé bó bá gbà yín láyè láti lò ó láìwọlé.
6. Bí ẹ bá ti rí èsì gbà, ẹ wá `Delete my data` tàbí `Delete account` nínú áàpù náà, kí ẹ tó yọ áàpù kúrò.

Ìkẹfà ni ẹ sábà máa ń gbàgbé. Bí ẹ bá yọ áàpù kúrò lórí fóònù láìpa àkáǹtì rẹ́, ẹ̀yin lẹ pàdánù ọ̀nà àtidé ìdí fọ́tò náà. Fọ́tò fúnra rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà.

Àwọn ojúlé ọ̀fẹ́ tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́, tí kò ní àdírẹ́sì, tó kàn ní “gbé fọ́tò síbí”, ẹ má bá wọn dòwò pọ̀ rárá. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tí ẹ lè kọ lẹ́tà sí.

## Iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà: bí mo ṣe la ojú Màámi

GIMP ni mo lò, lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti pẹ́. Ó gbà mí ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú 25. Ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ lè lo wákàtí kan.

Ẹ kó fọ́tò wọlé láìdín in kù. Wáyà USB ló dára jù. Bó bá jẹ́ Wásáàpù layàfọ́tò fẹ́ gbà fi ránṣẹ́, ẹ ní kó fi í ránṣẹ́ bíi `Document`. Èyí tó bá wá bíi fọ́tò lásán, Wásáàpù á ti dín in kù, méjèèjì kò sì ní bára dọ́gba mọ́.

1. Ẹ ṣí fọ́tò tó dára jù, tèmi ni ìkejì, láti `File > Open`.
2. Ẹ gbé fọ́tò tí ojú ti là lé e lórí: `File > Open as Layers`. Ní báyìí, ìpele méjì wà, èyí tí ojú ti là ló wà lókè.
3. Ẹ dín `Opacity` ìpele òkè kù sí 50. Ẹ ó máa rí fọ́tò méjèèjì pọ̀ bí òjìji.
4. Ẹ tẹ `M`, kí ẹ wọ́ ìpele òkè títí imú Màámi òkè á fi jókòó sórí imú Màámi ìsàlẹ̀. Ẹ má wo ẹlòmíràn nínú fọ́tò náà. Bí wọ́n bá ti tẹ orí díẹ̀, ẹ tẹ `Shift+T`, kí ẹ yí i títí ihò imú àti igun ẹnu fi bára mu.
5. Ẹ dá `Opacity` padà sí 100.
6. Ẹ lọ sí `Layer > Mask > Add Layer Mask`, ẹ yan `Black (full transparency)`, kí ẹ tẹ `Add`. Ìpele òkè á pòórá. Ẹ má bẹ̀rù, ìbòjú ni ẹ fi bò ó.
7. Ẹ tẹ `P` fún búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ yan `2. Hardness 025`, kí ẹ sì sọ ọ́ di 60 píksẹ́lì. Ẹ tẹ `D`, lẹ́yìn náà `X`, kí àwọ̀ funfun lè bọ́ síwájú.
8. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun orí ìpéǹpéjú. Bí ẹ ti ń kùn ún, ojú tó là á máa yọ láti abẹ́ ìbòjú. Bí ẹ bá kùn kọjá ààlà, ẹ tẹ `X` kí ẹ fi dúdú kùn ún padà. Kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ kun ẹyinjú àti ìpéǹpéjú nìkan, kí ẹ sì wò ó. Nínú fọ́tò Màámi, kò tó, nítorí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú ìkẹta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn sì ti gbé sókè. Ojú tó ń rẹ́rìn-ín lórí ẹnu tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ máa ń dà bí ti àjèjì. Nítorí náà ni mo fi gbé gbogbo iwájú ojú wọn wá.

Ibi tí ẹ bá dá búrọ́ọ̀ṣì dúró ló máa sọ bóyá àwọn èèyàn á mọ̀. Ibi tí ojú fúnra rẹ̀ ti ní ààlà ni kí ẹ dúró sí: etí gèlè, abẹ́ àgbọ̀n, ẹ̀gbẹ́ etí. Mo ṣe àṣìṣe kan níbẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo dúró sí, mo sì gé pélé sí méjì: ìdajì láti fọ́tò kan, ìdajì láti òmíràn, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ṣẹ́ láàárín. Mo tẹ̀ síwájú títí dé ẹ̀gbẹ́ etí, pélé sì wọlé ní odidi. Bí ẹni tí ẹ ń tún fọ́tò rẹ̀ ṣe bá kọ ilà, yálà àbàjà ni tàbí pélé, ẹ gbé ilà náà wá lódindi, tàbí kí ẹ fi èyí tó wà nísàlẹ̀ sílẹ̀ lódindi.

9. Ìmọ́lẹ̀. Iná kámẹ́rà kì í tàn bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tẹ àwòrán kékeré ti ìpele òkè, ẹ má tẹ ti ìbòjú, kí ẹ wá lọ sí `Colors > Curves`. Ẹ mú àárín ìlà náà, kí ẹ fà á sísàlẹ̀ tàbí sókè díẹ̀ títí iwájú orí á fi bá ọrùn mu. Ọrùn ni kí ẹ máa wò, nítorí ọrùn kò yí padà. Bí ojú bá fi díẹ̀ funfun ju ọrùn lọ, gbogbo èèyàn ló máa rò pé Màámi bora.
10. Ẹ tẹ `1` kí fọ́tò hàn ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Ẹ máa pa àmì ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpele òkè, kí ẹ máa tan án. Bí nǹkan kan bá fò láìyẹ, bíi yẹtí tàbí etí gèlè, ẹ fi dúdú kùn ún padà.
11. Ẹ tọ́jú iṣẹ́ náà bíi `.xcf`. Lẹ́yìn náà, `File > Export As`, orúkọ tó parí sí `.jpg`, ìwọ̀n `Quality` 92.

Fọ́tò Màámi jáde ní 4000 × 3000 bó ṣe wọlé. A fi ṣe fọ́tò ńlá tó wà lára ògiri báyìí, iṣẹ́ GIMP yìí kò sì gbé fọ́tò kankan lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Àmì funfun yọ sójú ẹni náà. Orí fọ́tò lẹ ti ń kùn, kì í ṣe orí ìbòjú. Ẹ tẹ `Ctrl+Z`, kí ẹ tẹ àwòrán kékeré dúdú tó jẹ́ ti ìbòjú, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ojú tóbi ju orí lọ. Ayàfọ́tò ti sún mọ́ wọn láàárín fọ́tò méjèèjì. Ẹ lè fi `Shift+T` dín in kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá di pé ẹ ń fà á tó ìdá kan nínú márùn-ún, fọ́tò méjèèjì kò bára wọn mu. Ẹ wá òmíràn.

Òjìji imú dojú kọ ọ̀tún, ti àwọn yòókù dojú kọ òsì. Wákàtí tàbí ibi tó yàtọ̀ ni wọ́n ti ya fọ́tò kejì. `Curves` kò lè tún èyí ṣe. Èyí gan-an ni mo fi ń sọ fún àwọn ayàfọ́tò pé kí wọ́n ya ẹbí tó bá ju mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún ó kéré tán, kí wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún oníǹkan.

## Bí ẹ kò bá ní GIMP, tàbí bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rọ tó ń ya ojú

Photopea ń ṣiṣẹ́ nínú ojúlé, ó ní ìpele àti ìbòjú bíi ti GIMP, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí fọ́tò nínú kọ̀ǹpútà yín láìgbé e lọ síbìkankan. Ẹ lè fi ojú ara yín rí i: ẹ jẹ́ kí ojúlé náà ṣí tán, ẹ pa íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá ṣí fọ́tò. Ó ṣì máa ṣiṣẹ́.

FaceFusion yàtọ̀ sí wọn. Òun náà ń ya ojú bíi ti áàpù, ó sì lè lo `inswapper_128` kan náà. Ohun tó fi sàn jù ni pé lẹ́yìn tó bá ti kó àwọn ètò rẹ̀ wọlé, inú kọ̀ǹpútà yín ni gbogbo iṣẹ́ ti ń wáyé, ẹ̀yin lẹ sì ń darí rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ẹ gbé `pixel boost` sókè láti 128 sí 512, kí ojú má ṣú. Ẹ yan ìbòjú `occlusion`, kó má bàa ya ojú sórí ọwọ́ tàbí gèlè tó bo iwájú orí. Bí ẹ bá sì lo adánjú, ìyẹn `face enhancer`, ẹ dín `blend` rẹ̀ kù sí ìdajì, kí awọ ara má bàa di ìda. Lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní káàdì àwòrán tó lágbára, fọ́tò kan kò ní pẹ́ jù, àmọ́ fídíò á gba sùúrù gidi. Ti ilà ojú ṣì wà bó ṣe wà: kò sí èyí tí ẹ lè yí nínú rẹ̀ tó máa gbé pélé wá bó ṣe rí.

## Bí fọ́tò bá ti lọ tẹ́lẹ̀

Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti ní kí ilé iṣẹ́ pa dátà yín rẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú ẹ̀tọ́ yìí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá yín lóhùn láàárín oṣù kan.

1. Ẹ wá àdírẹ́sì ímeèlì tó wà nísàlẹ̀ `Privacy Policy` wọn.
2. Ẹ kọ orúkọ tí ẹ fi ṣí àkáǹtì, ọjọ́ tí ẹ gbé fọ́tò síbẹ̀, àti iye fọ́tò náà. Ẹ ní kí wọ́n pa nǹkan mẹ́ta rẹ́: fọ́tò tí ẹ gbé wọlé, èsì tó jáde, àti nọ́ńbà tí wọ́n fà yọ lára ojú yín. Bí ẹ kò bá dárúkọ ìkẹta yìí, wọ́n lè pa fọ́tò rẹ́ kí wọ́n tọ́jú òun.
3. Ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé padà pé àwọn ti ṣe é, àti pé àwọn ti sọ fún gbogbo àwọn tí wọ́n pín in fún.
4. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà yín. Bí wọn kò bá dáhùn, òun ni ẹ ó mú lọ bá àjọ tó ń rí sí ààbò dátà: NDPC ní Nàìjíríà, tàbí ICO ní Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn kan máa ń dáhùn pé kí ẹ fi káàdì ìdánimọ̀ ránṣẹ́ kí àwọn tó lè pa nǹkan kan rẹ́. Bí ímeèlì tí ẹ fi ṣí àkáǹtì náà lẹ fi kọ̀wé, ẹ sọ fún wọn pé ìyẹn ti tó láti mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ má fi káàdì tó ní fọ́tò yín kún èyí tó ti wà lọ́wọ́ wọn.